Èrè Wo Ni Wọ́n Ń Wí? Àgbéyẹ̀wò Àkópọ̀ Àdéhùn Àkóso Hòtẹ́ẹ̀lì fún Onílé Tó Ń Ka Yorùbá

Ìwé àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bá ni ṣàkóso hòtẹ́ẹ̀lì máa ń gbé síwájú onílé kì í ṣe ìwé kékeré. Ó sábà máa ń ju ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé lọ bí a bá ka àwọn àfikún ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà ni wọ́n sì fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ni ilé náà lè jẹ́ ẹni tó fi òwò aṣọ, símẹ́ńtì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kó owó jọ, tó ń ṣírò owó lórí kí akọ̀wé rẹ̀ tó rí bírò, àmọ́ tó jẹ́ pé Yorùbá ni ó máa ń kà tí ọ̀rọ̀ fi ń yé e dénú. Nígbà náà ni wọ́n á ní kí lọ́yà, tàbí ọmọ tó kàwé, kó kókó inú àdéhùn náà sí ojú-ìwé mẹ́rin márùn-ún ní Yorùbá kí bàbá tàbí màmá tó fọwọ́ sí i. Irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í parọ́ níbì kankan, síbẹ̀ ó máa ń ṣi onílé lọ́nà, ibi tó sì ti ń ṣì í lọ́nà jù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa rò pé a mọ̀: èrè.

Ẹ wo gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀ nínú irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀: “Ilé-iṣẹ́ alákòóso yóò máa gba ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé, yóò sì tún gba ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èrè.” Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn iye yẹn náà kò ṣàjèjì: owó ìpìlẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá méjì sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, owó ìmóríyá tó tẹ̀ lé e kì í sì í jìnnà sí ìdá mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àmọ́ kí ni oníṣòwò gbọ́ nígbà tó ka “èrè”? Ohun tó gbọ́ ni owó tó kù sápò lẹ́yìn tí gbogbo ẹni tí òun jẹ ní gbèsè ti gba tiwọn. Yóò wá rò pé bí òun kò bá jèrè, àwọn náà kò ní jẹ nínú ìdá mẹ́jọ yẹn. Ìwé àdéhùn kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Èrè tí ìwé ń wí ni èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta, GOP, tọ́ka sí nínú ìṣirò oṣooṣù, ibẹ̀ sì jìnnà gan-an sí àpò onílé.

Kí a tó tọ ipa owó náà, ó yẹ kí a mọ irú àjọṣe tí àdéhùn yìí jẹ́, nítorí onílé tó bá fi ojú àjọṣe mìíràn wò ó, àṣìkà ni yóò ka gbogbo ìyókù. Kì í ṣe réǹtì. Ẹni tó gba ilé réǹtì ń sanwó fún onílé, bí ọjà tà tàbí kò tà. Kì í sì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀, níbi tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti ń mú nínú irè oko wá fún un. Níhìn-ín, ẹni tó ni ilẹ̀ àti ilé ló ń sanwó fún ẹni tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Onílé ló ni òwò náà, òun ló ni àdánù rẹ̀, òun ló ń gbé owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, alákòóso sì ń fi orúkọ rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà tó fi ń rí àlejò ṣiṣẹ́ fún un. Àjọṣe náà kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hilton gba Caribe Hilton ní San Juan, ní Puerto Rico, tí wọ́n ṣí ní 1949, ìjọba erékùṣù náà ló kọ́ ilé náà, Hilton sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ayálégbé tó ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ṣẹ́kù lójú iṣẹ́ fún ìjọba. Onílé ló ń gba ìpín tó pọ̀ jù nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni ti Havana dé. Wọ́n ṣí Havana Hilton ní 1958, owó ìfẹ̀yìntì ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ní Cuba ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1959, Fidel Castro ti fi yàrá inú rẹ̀ ṣe ibùjókòó, nígbà tó sì di 1960 ìjọba ti gba gbogbo rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Habana Libre. Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ yìí ka ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́ àwọn ohun tó kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì láti má ṣe fi owó tiwọn sí abẹ́ ewu lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ewu ti ń kúrò lórí alákòóso bọ́ sórí onílé, àdéhùn tó wà níwájú wa lónìí sì ni èso rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo rò pé ó tọ́ láti fi ṣe àkópọ̀ fún onílé ni pé kí a mú ọgọ́rùn-ún náírà tí àlejò san ní tábìlì ìgbàlejò, kí a tẹ̀ lé e títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Kí a sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe dáadáa, pé nínú ₦100 tó wọlé, ₦65 lọ sórí iṣẹ́: owó oṣù, oúnjẹ àti ohun mímu, dísù jẹnẹrétọ̀, ọṣẹ àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìpolówó. Nínú ₦65 yẹn náà ni ₦2 wà tó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ alákòóso fún ìpolówó káàkiri àgbáyé àti ètò tí àlejò fi ń gba yàrá sílẹ̀. Èyí kì í hàn sí onílé gẹ́gẹ́ bí owó alákòóso, nítorí àárín ìnáwó ló wà. Ó wá ku ₦35. Èyí ni ìwé àdéhùn ń pè ní èrè. Mo fẹ́ kí àkópọ̀ Yorùbá má ṣe pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Kí a pè é ní àṣẹ́kù iṣẹ́, nítorí ohun tó ṣẹ́kù lójú iṣẹ́ lásán ni, kò tíì kan ilé, kò tíì kan báńkì.

Láti orí ₦35 yìí ni alákòóso yóò ti gba ₦3, ìyẹn owó ìpìlẹ̀ lórí gbogbo ₦100, yóò sì gba ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ₦35 náà, tó jẹ́ ₦2.80. Inṣọ́ránsì ilé àti owó orí ilé tí ìjọba ń gbà gba ₦3.20. Ó ku ₦26. Lẹ́yìn náà ni àpò àtúnṣe dé, tí àdéhùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan tàbí méjì lọ́dún àkọ́kọ́ tí yóò fi dé ìdá mẹ́rin: ₦4 wọ inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n àti irú wọn. Owó onílé ni, ṣùgbọ́n kò lè ná an sí nǹkan mìíràn. Kò sì kárí òrùlé tó ń jò tàbí lífìtì tó bàjẹ́ pátápátá. Ìyẹn tún wà lọ́tọ̀. Ó ku ₦22. Bí onílé bá fi owó báńkì kọ́ ilé náà, tí gbèsè àti èlé ọdún kan sì jẹ́ ₦25, ₦3 ni yóò fi kún un láti ilé. Ìyẹn ni pé nínú ọdún tó dára, tí àlejò kún yàrá, alákòóso mú ₦7.80 lọ, onílé sì mú ₦3 wá.

Ó yẹ kí àkópọ̀ ṣe ọdún burúkú náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yé oníṣòwò jù. Kí a sọ pé owó tó wọlé já sí ₦70. Ìnáwó kì í já bákan náà: jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ pé àlejò kò pọ̀, òṣìṣẹ́ sì ń gba owó oṣù rẹ̀. Kí ìnáwó jẹ́ ₦54. Àṣẹ́kù iṣẹ́ di ₦16. Alákòóso gba ₦2.10 fún owó ìpìlẹ̀, ₦1.28 fún owó ìmóríyá, àti ₦1.40 tó ti wà nínú ìnáwó. Nígbà tí inṣọ́ránsì, owó orí ilé àti àpò àtúnṣe bá ti gba tiwọn, ₦6.62 ló kù láti fi dojú kọ gbèsè ₦25. Onílé ń wá ₦18.38, alákòóso sì ti gba ₦4.78. Owó tí wọ́n pè ní owó ìmóríyá náà ṣì jáde, ní ọdún tí kò sí ohun kan tó yẹ kó mórí ẹnikẹ́ni yá.

Àwọn kan lè sọ pé àlàyé yìí ń ṣègbè. Alákòóso kọ́ ló ní kí onílé yáwó, wọ́n á ní, báwo ni gbèsè onílé ṣe wá di ohun tí a ó fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: bí wọ́n bá so owó alákòóso mọ́ èrè ìkẹyìn, onílé tó yáwó rẹpẹtẹ yóò máa gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Orúkọ ńlá sì máa ń mú àlejò wá tí onílé kò lè rí fúnra rẹ̀, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí ọ́fíìsì wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn níbi tí kò sí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n àkópọ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó fi hàn pé láàárín owó tó wọlé àti èrè ìkẹyìn, ibi púpọ̀ ló wà tí a ti lè fi ìlà sí, àti pé ìlà náà ni àríyànjiyàn. Bí a bá yọ owó ìpìlẹ̀ kúrò kí a tó ṣírò owó ìmóríyá, ₦35 di ₦32, ₦2.80 sì di ₦2.56. Ìyẹn kéré. Èyí tó tóbi ni bí onílé bá béèrè pé kí owó ìmóríyá dúró ná títí òun yóò fi rí iye kan gbà lọ́dún, ká ní ₦20 nínú àpẹẹrẹ wa. Nínú ọdún burúkú yẹn, owó ìmóríyá kì bá tí jáde. Àwọn alákòóso kan máa ń gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ilé náà bá wà níbi tí wọ́n ń wá tipẹ́, ṣùgbọ́n onílé tí wọ́n ti sọ fún pé ìdá mẹ́jọ “èrè” ni wọn yóò gbà kò ní mọ̀ pé ohun kan wà láti béèrè.

Owó dọ́là nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú owó tí mo ní ó fara pamọ́ sí àárín ìnáwó, ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ní dọ́là, iye kan lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lóṣù tàbí lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá gba yàrá láti orí ètò wọn. Náírà ni àlejò Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ń san. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní Oṣù Kẹfà 2023, ìlà àdéhùn kankan kò yí padà, síbẹ̀ gbogbo ìlà tí wọ́n kọ ní dọ́là wúwo sí i fún onílé. Àkópọ̀ gbọ́dọ̀ kó gbogbo wọn jọ sójú kan, nítorí nínú ìwé gan-an wọ́n fọ́n káàkiri, òmíràn sì wà nínú àfikún ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Níbẹ̀ náà ni kó ti sọ pé bí alákòóso bá jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè, òfin NOTAP ti 1979 ní kí wọ́n forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́, pé báńkì kò sì lè fi owó náà ránṣẹ́ sókè òkun láìsí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àdéhùn sábà máa ń gbé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ yìí lé onílé lórí. Bí kò bá ṣe é, owó kò ní lè lọ, bí owó kò bá sì lọ, onílé ni ìwé yóò ka ẹ̀bi sí lọ́rùn.

Bí èrè bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà jù, èyí tó tẹ̀ lé e kéré débi pé ojú lè fò ó: “àti”. Gbogbo onílé ló máa ń béèrè pé, bí wọn kò bá ṣe dáadáa ńkọ́, ṣé mo lè lé wọn? Àkópọ̀ á dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìdánwò iṣẹ́ wà.” Ọkàn onílé á balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ìdánwò náà wò. Ó sábà máa ń ní apá méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kí àṣẹ́kù iṣẹ́ má lọ sílẹ̀ ju ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni pé kí owó tí yàrá ń mú wọlé má kéré ju iye kan báyìí bí a bá fi wé ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn tí onílé àti alákòóso jọ yàn. Nínú ìwé, “àti” ló so apá méjèèjì pọ̀: ìgbà tí wọ́n bá kùnà nínú èkíní àti nínú èkejì, fún ọdún méjì léra, ni onílé lè sọ̀rọ̀.

Ẹ fi àpẹẹrẹ wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ní àṣẹ́kù iṣẹ́ yóò jẹ́ ₦35. Ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦29.75. Ọdún parí, ₦25 ni wọ́n rí. Wọ́n ti kùnà nínú apá kìíní. Ṣùgbọ́n yàrá ń kún, ìnáwó ló pọ̀ jù; owó yàrá wọn jẹ́ ìdá méjìdínláàádọ́rùn-ún ti àwọn ojúgbà, ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún ni ìwé sì béèrè. Wọ́n yege nínú apá kejì. Nítorí “àti” yẹn, kò sí ìkùnà lójú àdéhùn, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní “tàbí” ló wà níbẹ̀ ni, ọdún kejì ni ìjíròrò ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kùnà nínú méjèèjì, ìwé máa ń fún wọn láǹfààní láti fi owó dí àlàfo: wọ́n san ₦4.75, ìkùnà parẹ́, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ta ló sì kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dán wọn wò? Àwọn fúnra wọn ni. Onílé lè ṣàtakò sí i ní àwọn ibi kan, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdéhùn kò lè sọ pé rárá sí owó oṣù mánijà àgbà tàbí sí ohun tí wọ́n bá pè ní ìlànà orúkọ wọn. Ẹni tó bá ń ṣàkópọ̀ tó wá fò gbogbo èyí, tó kọ “ìdánwò iṣẹ́ wà”, ó ti ta onílé ní ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣojú kò ní pẹ́ wa. Àdéhùn sábà máa ń sọ pé alákòóso ń ṣe gbogbo nǹkan ní orúkọ onílé, pé òṣìṣẹ́ onílé sì ni òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀gá díẹ̀. Ní Yorùbá “aṣojú” ní ọlá lára. Ó ń dún bí ẹni tí a rán níṣẹ́ tó sì ń jíhìn. Ohun tó túmọ̀ sí fún onílé ni pé bí àlejò bá ṣubú níbi ìlúwẹ̀ẹ́, tàbí tí wọ́n lé òṣìṣẹ́ lọ́nà àìtọ́, orúkọ onílé ni yóò wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́, òun ni yóò sì sanwó, àyàfi bí àṣìṣe náà bá jẹ́ èyí tó burú kọjá ààlà láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá àgbà alákòóso. Gbólóhùn méjì tó fúnni ní àpẹẹrẹ tó o nínú àkópọ̀.

Àtakò kan wà tí mo ka sí ju àwọn yòókù lọ, àwọn lọ́yà ló sì máa ń mú un wá. Wọ́n ní àkópọ̀ Yorùbá léwu, nítorí pé àdéhùn fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó tẹ̀ lé bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀, àti pé onílé á wá gbára lé ojú-ìwé márùn-ún tí kò ní agbára kankan níwájú adájọ́. Òótọ́ ni. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ ìwé ní Nàìjíríà pàápàá, ẹni tó báni kọ ìwé ló ń tọ́ka sí, pé kó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, kó sì ka ohun tó kọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún. Kí oníṣòwò tí lọ́yà rẹ̀ jókòó tì í má ṣe rò pé òfin yìí yóò yọ òun nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Àmọ́ ìdáhùn sí ewu yìí kọ́ ni pé kí a má ṣe àkópọ̀. Kí nọ́ńbà ẹsẹ àdéhùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni, kí onílé lè na ìka sí i kó ní, “Lọ́yà, ẹ ka ẹsẹ yìí fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá sọ bó ṣe bá èyí mu.” Kí àkópọ̀ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ẹ̀dà àdéhùn tí wọ́n ti mú un, nítorí àdéhùn yìí máa ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ọjọ́ ìfọwọ́sí tó pé, àkópọ̀ ẹ̀dà kejì sì lè wà lọ́wọ́ onílé nígbà tó ń fọwọ́ sí ẹ̀dà karùn-ún.

Àwọn mìíràn ní kí a fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n. Ìpinnu ló wọ́n. Ẹni tó fi lẹ́tà mẹ́ta yẹn sílẹ̀ láìtúmọ̀ kò tíì pinnu nínú ara rẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí. Ìgbà tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá ni yóò tó di dandan fún un láti wo àfikún ìṣirò, tó sábà máa ń tẹ̀ lé ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oní-hòtẹ́ẹ̀lì New York kọ́kọ́ gbé jáde ní 1926 tí wọ́n sì ti ń tún ṣe láti ìgbà náà, kó sì béèrè pé, ṣé inṣọ́ránsì ilé wà nínú rẹ̀ àbí kò sí? Owó dọ́là yẹn ńkọ́? Mo rò pé ó sàn kí a kọ ọ́ báyìí fún onílé: “Ẹsẹ yìí ní kí ẹ san ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ṣẹ́kù lójú iṣẹ́, kí ẹ tó san gbèsè báńkì, kí ẹ tó san inṣọ́ránsì ilé, kí ẹ tó fi owó àtúnṣe pamọ́. Ní ọdún tí ẹ bá pàdánù, ẹ ṣì lè san án.” Ó gùn ju “èrè” lọ. Ó yẹ kó gùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọdún, tí àwọn àkópọ̀ sábà máa ń fi sí òkè pátápátá, níbi tí kò ti ní ìtumọ̀: “Ogún ọdún, ó ṣeé tún ṣe.” Mo fẹ́ràn kó wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn tí onílé ti rí ohun tí ọdún kan jẹ́. “Ó ṣeé tún ṣe” náà fi ẹni tó ń ṣe é pamọ́. Alákòóso nìkan ni ìwé máa ń fún lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọdún mẹ́wàá kún un, tí kò sì ní kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Ìjáde ṣáájú àkókò kì í rọrùn. Nínú ẹjọ́ Marriott àti hòtẹ́ẹ̀lì Eden Roc ti Miami Beach, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní New York sọ ní 2013 pé ilé-ẹjọ́ kò lè fi dandan so onílé mọ́ alákòóso tí kò fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé onílé kò ní san owó fún àdánù ọdún tó kù, ó sì lè jẹ́ pé ìlú tí àdéhùn ti onílé wa yàn fún ìdájọ́ kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹni ọgọ́ta ọdún tó fọwọ́ sí ogún ọdún yóò di ẹni ọgọ́rin kó tó parí. Bí alákòóso bá fi mẹ́wàá kún un lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ni yóò bá a parí. Báwo ni ìwé ṣe wo àwọn ọmọ? Abẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì ni hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wà, bàbá tàbí màmá ló sì ni ìpín inú kọ́ńpìnnì náà. Bí ìpín náà bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ikú, ẹsẹ tó ń sọ̀rọ̀ nípa títa hòtẹ́ẹ̀lì lè kà á sí pé ilé ti pààrọ̀ ọwọ́, pé ó yẹ kí wọ́n ti gbàṣẹ lọ́wọ́ alákòóso. Gbólóhùn kan tó yọ ogún kúrò nínú ìtumọ̀ títà ti tó láti dí ihò yìí, kì í sì í nira láti gbà lọ́wọ́ wọn bí a bá béèrè kí a tó fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà ẹsẹ tó yẹ kí gbólóhùn náà wọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ kí ó gbẹ̀yìn àkópọ̀, lójú-ìwé ọ̀tọ̀, kí onílé mú un dání lọ sí ìpàdé.